₦36,000 fún ìsinmi aláìlówó: ọ̀nà mélòó ló yẹ kí wọ́n pín owó oṣù sí?

Àdùkẹ́ Lafẹ́nwá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan ní Ọbáńtókò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, láti ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta. ₦156,000 ló wà nínú lẹ́tà mi. Ní oṣù Kẹwàá 2025 mo gba ìsinmi aláìlówó láti Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 9 títí dé Ìṣẹ́gun ọjọ́ 14. Nígbà tí owó máa wọlé, wọ́n ti yọ ₦36,000. Akáńtáǹtì ní òun pín owó mi sí ọ̀nà 26, òun sì yọ ọjọ́ mẹ́fà níbẹ̀. Ṣé ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀?

---

Ọmọ Lísàbí

Kò tọ̀nà rárá. Ta ní ń pín owó oṣù sí 26? Ọgbọ̀n ọjọ́ ni gbogbo ayé mọ̀ sí oṣù kan. ₦156,000 sí ọ̀nà 30 jẹ́ ₦5,200 lójúmọ́. Ẹ ò sì lọ síṣẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún, nítorí ọjọ́ Àìkú kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ yín. Márùn-ún lọ́nà ₦5,200 jẹ́ ₦26,000. Wọ́n jẹ yín ní ₦10,000. Ẹ lọ gbà á.

---

Onísirò Ìbàrà

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ má tíì lọ bá wọn jà lórí ₦10,000 o. Ọmọ Lísàbí rí i pé nǹkan wọ́, àmọ́ irú àṣìṣe tí akáńtáǹtì yín ṣe ni òun náà ṣe. Ọ̀kan fì sọ́tùn-ún, èkejì fì sósì.

Ẹ wo ibi tí 26 ti wá. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ 312 lọ́dún. Ẹ pín in sí oṣù 12, ó di 26. Ìyẹn ni pé kò sí ọjọ́ Àìkú kankan nínú 26 yẹn, wọ́n ti yọ gbogbo wọn kúrò tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi 26 pín owó kò tún gbọdọ̀ wá ka ọjọ́ Àìkú mọ́ ọjọ́ tí èèyàn kò wá. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá, Àìkú ni. Akáńtáǹtì kà á mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ₦6,000 ti sọnù.

Ọgbọ̀n yàtọ̀. Ọjọ́ Àìkú wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó ojúmọ́ tó ti inú 30 jáde fi kéré sí ti 26. Bí ẹ bá fi 30 pín, ẹ gbọ́dọ̀ ka gbogbo ọjọ́ tó wà láàárín ọjọ́ 9 sí ọjọ́ 14, Àìkú pẹ̀lú, ó sì jẹ́ mẹ́fà. Ọmọ Lísàbí fi 30 pín, ó wá ka márùn-ún. Ìyẹn dà bí kí èèyàn fi kóńgò ńlá ra gàrí ní Kútọ̀, kó wá fi kóńgò kékeré tà á ní Ìtòkú. Owó á ṣáà wọlé, àmọ́ ti ẹlòmíì ni.

Nítorí náà, bí ilé iṣẹ́ yín bá ń lo 26, ọjọ́ márùn-ún lọ́nà ₦6,000 ni, ₦30,000. Bí wọ́n bá ń lo 30, ọjọ́ mẹ́fà lọ́nà ₦5,200 ni, ₦31,200. Ẹ rí i pé méjèèjì kò jìnnà síra wọn. Èyí tó jìnnà ni ₦36,000 àti ₦26,000, nítorí òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n lò. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé 26 ni akáńtáǹtì fẹnu ara rẹ̀ sọ, ₦6,000 ni kí ẹ bèèrè.

---

Ìyá Ìbejì Àdìgbẹ

Ṣé àwọn èèyàn yìí ò bẹ̀rù Ọlọ́run ni? Ìsinmi jẹ́ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́! Òfin ní ẹni tó bá ti pé oṣù méjìlá lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìsinmi, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ pé. Kò yẹ kí wọ́n yọ kọ́bọ̀ kan. Ẹ gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba.

---

Onísirò Ìbàrà

Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ìsinmi ọdọọdún nìyẹn. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, lábẹ́ abala 18 Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, pẹ̀lú owó. Aláìlówó ni àǹtí yìí fẹnu ara wọn pè é. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tó dára: Àǹtí Àdùkẹ́, ṣé ẹ ti lo ìsinmi ọdọọdún yín tán kí ẹ tó gba èyí? Bí ẹ ò bá tíì lò ó, ẹ̀yin àti ọ̀gá yín lè fẹnu kò pé kí ọjọ́ márùn-ún yìí wá láti inú rẹ̀, kò sì ní sí ọ̀rọ̀ yíyọ owó rárá.

---

Àdùkẹ́ Lafẹ́nwá

Mo ti lò ó tán ní oṣù Kẹjọ, ẹ̀gbọ́n. Aláìlówó ni lóòótọ́, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀.

---

Alábòójútó Òkè-Ìlẹ̀wọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ta ko Onísirò díẹ̀. Ó ṣàlàyé dáadáa, àmọ́ ó fẹ̀yìn gbé 26 pọ̀n bí ọmọ. Nọ́mbà tí kì í yí padà yẹn ń bí wàhálà ní oṣù tó bá gùn àti oṣù tó bá kúrú. Ọjọ́ iṣẹ́ tó wà nínú oṣù yẹn gan-an ló yẹ kéèyàn fi pín.

Ẹ ka oṣù Kẹwàá 2025 fúnra yín. Ọjọ́ 31 ni, Àìkú mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ó ku 27. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan gba ìsinmi aláìlówó fún gbogbo oṣù náà. Ẹni tó ń lo 26 máa yọ ọjọ́ 27 lọ́nà ₦6,000, ìyẹn ₦162,000. Owó oṣù ọ̀hún gan-an ò ju ₦156,000 lọ! Òṣìṣẹ́ tí kò wá síṣẹ́ wá jẹ ilé iṣẹ́ ní ₦6,000. Èyí tó tún burú ni pé ẹni tó wá ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí ó pa 26 jẹ, òfo ni yóò gbà. Ọjọ́ kan tó fi ṣiṣẹ́ ti wọ inú omi.

Oṣù Kejì 2025 ló wá yí i padà pátápátá. Ọjọ́ 28, Àìkú mẹ́rin, ọjọ́ iṣẹ́ 24. Ẹni tó pa ọjọ́ 20 jẹ, tó ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin péré, wọ́n á yọ ₦120,000, á gba ₦36,000. Ó jẹ́ ₦9,000 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó fi ṣiṣẹ́, nígbà tí ẹni tó wá lójoojúmọ́ ń gba ₦6,500. Ta ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní bínú?

Bí ẹ bá fi ọjọ́ iṣẹ́ oṣù gan-an pín, ti Àǹtí Àdùkẹ́ máa jẹ́ ₦156,000 sí ọ̀nà 27, ìyẹn ₦5,777.78. Ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦28,888.89. Ẹni tó bá pa gbogbo oṣù jẹ yóò pàdánù ₦156,000 gẹ́lẹ́, kò ní lé, kò ní dín. Ẹni tó bá ń ṣe é nínú Excel lórí kọ̀ǹpútà, èyí ni kó tẹ̀. B2 ni owó oṣù, D2 ni ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, E2 àti F2 ni ọjọ́ tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí:

```
=ROUND(B2/NETWORKDAYS.INTL(D2,EOMONTH(D2,0),11)*NETWORKDAYS.INTL(E2,F2,11),2)
```

11 yẹn ló sọ fún un pé Àìkú nìkan ni ọjọ́ ìsinmi. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀ sí nìyẹn. Wọ́n á lo `NETWORKDAYS` lásán, tí ó máa ń yọ Àbámẹ́ta náà kúrò láì bi ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kẹwàá yìí, yóò ka 23 dípò 27, yóò sì ka ọjọ́ mẹ́rin dípò márùn-ún fún ìsinmi náà, á wá mú ₦27,130.43 jáde. Kò jìnnà sí òótọ́ púpọ̀, ìdí sì nìyẹn tí kò sí ẹni tó ń fura sí i.

---

Onísirò Ìbàrà

Mo gbà pé ìdánwò yẹn dára: ẹ bi ìlànà yín pé kí ni yóò yọ lọ́wọ́ ẹni tí kò wá rárá. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá ti yàtọ̀ sí owó oṣù, ẹ ti rí ibi tó ti ń jò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà 26 díẹ̀, ọmọ tí mo pọ̀n ni o. Bó bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ oṣù gan-an lẹ fi ń pín, owó ojúmọ́ ẹnì kan náà á máa yí lóṣooṣù: ₦6,500 ní oṣù Kejì, ₦5,777.78 ní oṣù Kẹwàá. Ẹni tó gba ìsinmi ọjọ́ márùn-ún ní oṣù Kejì á pàdánù ₦32,500. Ẹnì kejì rẹ̀ tó gba iye ọjọ́ kan náà ní oṣù Kẹwàá á pàdánù ₦28,888.89. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó ń fi ọ̀rá dí omi, kí ẹ wá padà wá sọ ohun tó wí fún yín. Pẹ̀lú 26, ó mọ̀ láti oṣù Kínní pé ₦6,000 ni ọjọ́ òun kan, ó sì lè ṣírò rẹ̀ kó tó tọrọ ààyè.

Ohun tí àwọn tó mọ 26 lò ń ṣe ni pé wọ́n á yọ owó ọjọ́ tí kò wá bí ọjọ́ náà bá kéré. Bí ó bá ti ju ìdajì oṣù lọ, wọ́n á yí i padà, wọ́n á ka ọjọ́ tó wá, wọ́n á sì san ìyẹn. Ẹni ọjọ́ mẹ́rin inú oṣù Kejì yẹn á gba ₦24,000 dípò ₦36,000. Ẹni tí kò wá rárá á gba òfo, kò ní jẹ gbèsè.

---

Alábòójútó Òkè-Ìlẹ̀wọ̀

Ibi tí wọ́n ti yí i padà yẹn gan-an ni yóò ya. Oṣù Kejì yẹn náà: ẹni tó pa ọjọ́ 12 jẹ, wọ́n yọ ₦72,000, ó gba ₦84,000. Ẹni tó pa 13 jẹ, wọ́n ka ọjọ́ 11 tó wá, ó gba ₦66,000. Ọjọ́ kan péré ló wà láàárín wọn, ₦18,000 sì ni ìyàtọ̀ owó wọn. Ẹ ṣì ní kò sí wàhálà níbẹ̀?

---

Onísirò Ìbàrà

Wàhálà wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹni mélòó ló ń pa ìdajì oṣù jẹ? Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ márùn-ún ni ọ̀pọ̀ ìsinmi aláìlówó. Fún ìwọ̀nyẹn, 26 kì í ṣìnà púpọ̀. Fún ẹni tó wọṣẹ́ láàárín oṣù tàbí tó fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín oṣù, ọ̀nà tiyín ni kí wọ́n lò, mo gbà fún yín.

---

Táyé Pànṣẹ́kẹ́

Ẹ̀yin ń jà lórí ₦6,000. Níbi tiwa, bí èèyàn bá pa ọjọ́ kan jẹ, ọjọ́ méjì ni wọ́n ń yọ. Ọ̀gá ní kó lè dun èèyàn ni. Ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n yọ. Kí lẹ máa pe ìyẹn?

---

Onísirò Ìbàrà

Nǹkan méjì ló wà nínú tiyín, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Yíyọ owó ọjọ́ tí èèyàn kò ṣiṣẹ́ kì í ṣe ìjìyà. Wọn ò kàn san owó iṣẹ́ tí wọn ò rí ni. Ọjọ́ kejì tí wọ́n fi lé e ló jẹ́ owó ìtanràn, abala 5 Òfin Iṣẹ́ kan náà sì ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn kúrò nínú owó òṣìṣẹ́. Kódà bí òṣìṣẹ́ bá fọwọ́ sí i, àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò dúró.

Ìkejì, àìsàn kì í ṣe ìsinmi aláìlówó. Abala 16 fún òṣìṣẹ́ ní owó rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tó lè tó 12 lọ́dún, bí dókítà tó ní ìwé àṣẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ kò yá. Ṣé ẹ ní ìwé dókítà?

---

Táyé Pànṣẹ́kẹ́

Ọ̀dọ̀ alágbo ni mo lọ.

---

Onísirò Ìbàrà

Háà. Ẹ bèèrè ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi lé e nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ máa le díẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé ni òfin yẹn wà fún. Ti ọ̀gá àti àwọn tó ń ṣàkóso, lẹ́tà wọn ni wọ́n á gbé yẹ̀ wò.

---

Akọ̀wé Owó Aṣẹ́rò

Kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kan ibi tí mo rò pé ìjà pọ̀ sí jù: owó wo gan-an lẹ ń pín? Ṣé owó tó wà nínú lẹ́tà ni, àbí èyí tó wọ báńkì? Mo ti rí ìwé owó oṣù tí wọ́n ti kọ́kọ́ yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì, tí wọ́n wá pín èyí tó kù sí 26. Owó ojúmọ́ náà á kéré, òṣìṣẹ́ á rò pé wọ́n ṣàánú òun.

Owó inú lẹ́tà ni kí ẹ pín. Ẹ yọ ọjọ́ tí kò wá, kí ẹ tó wá ṣírò àwọn ìyókù lórí ohun tó ṣẹ́kù. Ẹ fi ti Àǹtí Àdùkẹ́ wò ó. Bí gbogbo ₦156,000 bá jẹ́ owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún tí òṣìṣẹ́ ń dá fún ìfẹ̀yìntì jẹ́ ₦12,480. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ₦30,000, ₦126,000 ló kù, ìdá 8 rẹ̀ sì jẹ́ ₦10,080. Bí akáńtáǹtì bá gbàgbé, tó sì yọ ₦12,480 bó ṣe ń ṣe lóṣooṣù, ₦2,400 ti fò lọ sí àpò ìfẹ̀yìntì lára owó tí kò wọlé rárá. Owó àǹtí náà ṣì ni, àmọ́ ọjọ́ ogbó ni wọ́n máa tó rí i.

---

Ọmọ Lísàbí

Ẹ dúró ná. Bí wọ́n bá ní owó ọkọ̀ nínú lẹ́tà, ṣé kì í ṣe ìyẹn nìkan ló yẹ kí wọ́n yọ pọ̀ mọ́ owó iṣẹ́? Owó ilé mi ò dúró nítorí pé mi ò lọ síṣẹ́. Onílé ń gba tiẹ̀.

---

Akọ̀wé Owó Aṣẹ́rò

Ọ̀rọ̀ yẹn lójú, ilé iṣẹ́ méjì kì í sì í ṣe é bákan náà. Àwọn kan ń pín owó iṣẹ́ gan-an nìkan, wọn kì í fọwọ́ kan owó ilé. Ọ̀pọ̀ ń pín gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí wọ́n máa pín gbogbo rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yọ owó, kí wọ́n wá padà sí owó iṣẹ́ nìkan nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó àfikún wákàtí fún ẹni kan náà. Ìyẹn ni kí ẹ máa ṣọ́.

---

Àdùkẹ́ Lafẹ́nwá

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo bá akáńtáǹtì sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Kò bínú. Ó mú fọ́ọ̀mù mi jáde, ó ní èmi ni mo kọ “ọjọ́ mẹ́fà” síbẹ̀. Òótọ́ ni, èmi ni mo kọ ọ́, láti ọjọ́ 9 dé ọjọ́ 14, mo kà á bí ó ṣe wà lára kàlẹ́ńdà. Mo wo lẹ́tà mi náà, kò sọ nǹkan kan nípa bí wọ́n ṣe ń pín owó.

---

Onísirò Ìbàrà

Orísun rẹ̀ gan-an nìyẹn! Fọ́ọ̀mù bèèrè “iye ọjọ́”, ẹ ka ọjọ́ kàlẹ́ńdà, akáńtáǹtì sì gbé e lé owó ọjọ́ iṣẹ́ láì wo kàlẹ́ńdà. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yí i sí “iye ọjọ́ iṣẹ́” nínú fọ́ọ̀mù, kí àyè sì wà fún ọjọ́ tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí èèyàn máa padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ ìpadà yẹn ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá kọ “títí dé ọjọ́ 14”, àwọn kan á rò pé ọjọ́ 14 lẹ padà, wọ́n á sì yọ ọjọ́ kan dín. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ni òfò ìyẹn máa ń já sí.

Ti lẹ́tà yẹn, abala 7 ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé láàárín oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ sọ iye owó rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Òfin kò dárúkọ 26, kò sì dárúkọ 30. Ìwé yẹn ló yẹ kó sọ ọ́. Gbólóhùn kan ti tó: “₦156,000 sí ọ̀nà 26, lọ́nà iye ọjọ́ iṣẹ́ tí kò wá.” Kí wọ́n kọ ọ́, kí ẹ fọwọ́ sí i.

---

Alábòójútó Òkè-Ìlẹ̀wọ̀

Tàbí “sí iye ọjọ́ iṣẹ́ tó wà nínú oṣù náà”. Mi ò tíì juwọ́ sílẹ̀ o.

---

Àdùkẹ́ Lafẹ́nwá

Wọ́n ní wọ́n á fi ₦6,000 náà kún owó oṣù Kọkànlá. Ìbéèrè kan ló kù. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá jẹ́ họlidé òmìnira. Akẹgbẹ́ mi kan gba ìsinmi aláìlówó láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án dé ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá. Wọ́n yọ owó ọjọ́ họlidé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

---

Akọ̀wé Owó Aṣẹ́rò

Kò dáa lójú tèmi. Wọ́n tì ilé iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó kù gba owó rẹ̀ láì ṣiṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni kí wọ́n yọ: ọjọ́ 29 àti 30 lára owó oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ 2 lára ti oṣù Kẹwàá. Bí ẹ ṣe ń gba ₦6,000 yín náà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀ nínú ìwé owó oṣù, “àtúnṣe oṣù Kẹwàá”. Bí wọ́n bá kọ ọ́ bí ẹ̀bùn, wọn kì í sábà ka ẹ̀bùn mọ́ ohun tí ìdá 8 ìfẹ̀yìntì ń jáde lára rẹ̀.

---

Alábòójútó Òkè-Ìlẹ̀wọ̀

Lórí họlidé, mi ò gbà. Ọjọ́ 1 wà láàárín ọjọ́ aláìlówó méjì. Ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú, tí kò sì sí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, inú ìsinmi rẹ̀ ni họlidé náà bọ́ sí. Bí ẹ bá sì ti ka họlidé mọ́ ọjọ́ 27 tí ẹ fi pín owó, kí ló dé tí ẹ máa fò ó nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́? Onísirò, òṣùwọ̀n kan náà lẹ sọ níbẹ̀rẹ̀.

---

Onísirò Ìbàrà

Ẹ fi ọ̀rọ̀ mi gbá mi mú. Ọjọ́ iṣẹ́ 312 tó bí 26, họlidé ṣì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, Àìkú nìkan ni wọ́n yọ. Lórí ìṣirò, ẹ jàre. Àmọ́ owó họlidé ẹni tó wà nínú ìsinmi aláìlówó, ìwé àdéhùn ni mo máa kọ́kọ́ ṣí kí n tó dá ẹnikẹ́ni láre. Àǹtí Àdùkẹ́, kí ni lẹ́tà akẹgbẹ́ yín sọ?